Lẹ́tà Tó Ń Sọ Pé A Kò Ní Sọ Àdéhùn Iṣẹ́ Dọ̀tun: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé àkáǹtì kan ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àdéhùn ọdún méjì ni wọ́n bá a ṣe, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Akọ̀wé náà kò ṣẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì burú, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ti pinnu láti gbé ìṣirò owó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn níta, nítorí náà kò ní sọ àdéhùn náà dọ̀tun. Lẹ́tà tí wọn yóò kọ sí i ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti máa ń ṣìṣe.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má kọ lẹ́tà kankan. Òótọ́ ni pé apá 9 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé àdéhùn a máa parí nígbà tí àkókò tí a dá fún un bá pé. Ọ̀sẹ̀ méjì tí apá 11 là sílẹ̀ fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì lo márùn-ún, ti ẹni tí a fẹ́ fi ìkìlọ̀ bá parí iṣẹ́ ni. (Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún, ohun tó wà nínú àdéhùn àwọn ọ̀gá àti àwọn dókítà ni kí a wò fún tiwọn.) Nítorí èyí, àwọn kan a ní ọjọ́ ti wà nínú ìwé, kí ni a tún ń sọ? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè tẹ̀lé e. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá jẹ́ ìsinmi òmìnira. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2, akọ̀wé wa tún wọlé, ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n sanwó fún un bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé-ẹjọ́, adájọ́ lè gbà pé ìwà àwọn méjèèjì ti fi hàn pé àdéhùn náà ń tẹ̀síwájú lórí ìlànà ti tẹ́lẹ̀. Bí àdéhùn fúnra rẹ̀ bá sì béèrè pé kí a kìlọ̀ ní oṣù kan ṣáájú, dandan ni kí a tẹ̀lé e. Fún akọ̀wé yìí, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ni n bá yàn: kí ọ̀gá rẹ̀ pè é sí ìkọ̀kọ̀, kí ó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ó sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù fún un nígbà náà láti wá iṣẹ́ mìíràn.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ló wọ́pọ̀ jù, nítorí pé ó jọ inú rere. “Nítorí bí nǹkan ṣe rí lásìkò yìí, ó lè má rọrùn fún wa láti máa bá yín lọ, ṣùgbọ́n a ó kàn sí yín bí ọ̀nà bá ṣe là.” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka àbọ̀ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yóò fi ìrètí dí àbọ̀ tó kù. Kò ní wá iṣẹ́, yóò sì máa retí ìpè. Gbólóhùn náà sì lè di ohun tí yóò tọ́ka sí lọ́jọ́ iwájú pé wọ́n ṣe ìlérí fún òun. Ohun tó yẹ kí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyí: “Àdéhùn iṣẹ́ yín yóò parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú rẹ̀. A ti pinnu pé a kò ní sọ ọ́ dọ̀tun.” Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìtùnú lè wá. Ẹ sì má ṣe fi “o” kọ ọ́ nítorí pé ọ̀dọ́ ni ẹni náà. Bí a ṣe ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún un níwájú àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kí ìwé ṣe.

Àwọn mìíràn a kọ ọ́ pé “a dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́”. Kò sí ẹni tó dá a dúró; àkókò ló pé. Gbólóhùn yẹn ń sọ ìparí àdéhùn di ìdádúró, ó ń fàyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn lórí ìdí àti ìkìlọ̀, ó sì ń kó àbààwọ́n bá ẹni tí yóò mú ìwé náà lọ síbi tó ti ń wá iṣẹ́. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kí a rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ “kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́”. Irọ́ ni ìwé bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló ń dáàbò bò.

Ní ti ìdí, ẹ sọ òótọ́ ní gbólóhùn kan, tàbí kí ẹ má sọ ọ́ rárá. Bí ẹ bá ní kò sí owó, tí ìkéde ipò kan náà sì jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìbínú tó yẹ kó rọlẹ̀ yóò ru sókè. Fún akọ̀wé wa: “Láti oṣù Kẹwàá, ilé-iṣẹ́ kan láti ìta ni yóò máa ṣe ìṣirò owó wa.” Ó tó. Ní ti ọpẹ́, ẹ fi “ìdílé kan náà ni wá” sílẹ̀, kí ẹ dárúkọ ohun tó ṣe: “Ẹ̀yin ni ẹ to àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn aláìsàn tí a ń lò títí di òní.”

Ibi tí lẹ́tà ti máa ń ṣófo jù ni ọjọ́ àti owó. Ọjọ́ tí àdéhùn parí lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹni náà yóò wọ ọ́fíìsì kẹ́yìn. Bí akọ̀wé yìí bá ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́fà tí kò tíì lò, tó sì fẹ́ lò ó ní ìparí, ìsinmi rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, yóò sì parí ní ọjọ́ 30. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22, ni yóò wá síṣẹ́ kẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ́ pé odindi owó oṣù Kẹsàn-án ni yóò gbà, kò sì ní kọjá ọjọ́ 30.

Bí ilé ìwòsàn náà bá wà lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì tí òfin ọdún 2014 gbé kalẹ̀, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé inú àpò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Òfin kan náà gba ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún láàyè láti gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àpò náà, bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó bá lọ béèrè, wọn yóò fẹ́ rí ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ ti bọ́ àti ọjọ́ tó bọ́. Lẹ́tà yìí ni yóò mú lọ, ọjọ́ tí kò ṣe kedere sì lè dá a padà sílé.

Ohun tó gbẹ̀yìn ni ìfọwọ́sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a kọ “mo gbà pẹ̀lú ìpinnu yìí” sísàlẹ̀, wọn a sì ní kí ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Òun kọ́ ló pinnu. “Mo ti gba ẹ̀dà lẹ́tà yìí”, pẹ̀lú ọjọ́, ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó jáde ní ọ́fíìsì.