Àṣìṣe tí akọ̀wé máa ń ṣe tó bá ń bá ọ̀gá dá ìpàdé

Ní oṣù kẹwàá 2025, mo kọ ímeèlì láti ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, sí oníbàárà kan tó ń ra àdìrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní ọ̀gá wa fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28, aago mẹ́wàá àárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Mo gbàgbé pé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà ni wọ́n máa ń dá aago sẹ́yìn ní wákàtí kan lọ́hùn-ún, àwa ò sì ń dá tiwa.

Ọ̀gá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́wàá, kò rí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí oníbàárà fi wọlé, aago mọ́kànlá ti lù níbí, àwọn àlejò mìíràn sì ti wà ní pálọ̀. Ọ̀gá kàn wò mí. Ó sàn kó bú mi.

Ẹ má kọ "aago mẹ́wàá" lásán sí ẹni tó wà lókè òkun. Ẹ kọ ti ibi méjèèjì: "aago 10 àárọ̀ l'Ábẹ́òkúta, aago 9 ní Lọ́ńdọ̀nù." Tẹ́ ẹ bá ń fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé `Africa/Lagos` ló wà níbi aago, yóò fúnra rẹ̀ yí i sí aago ẹni tó gbà á.

Àṣìṣe kejì kì í hàn kíákíá. Akọ̀wé á kọ pé, "Ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Ó dà bí ìwà ọmọlúàbí, àmọ́ ẹrù yín lẹ dì lé àlejò lórí yẹn, ó sì lè mú ọjọ́ tí ọ̀gá ò ní sí nílé. Àkókò mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fún un, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bi ọ̀gá. Kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kàlẹ́ńdà ọ̀gá, kẹ́ ẹ fi "kò tíì dájú" sí i. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba ìpàdé mìíràn lórí fóònù, kí àlejò wá mú àkókò yẹn gan-an. Tó bá ti mú ọ̀kan, ẹ pa méjì tó kù rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi máa ń fi ọjọ́ tí mo fẹ́ gbọ́ èsì sínú lẹ́tà pẹ̀lú, kí àkókò mẹ́ta má baà dúró lásán fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Tó bá jẹ́ pé àlejò ń bọ̀ wá bá wa ni, "Ìbarà" nìkan ò tó. Ìbarà Orílé wà lọ́tọ̀, ẹni tí kì í ṣe ará ìlú ò sì mọ̀yàtọ̀. Ẹ kọ orúkọ títì, ẹ fi nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì sí i. Kì í ṣe ti ọ̀gá o.