Bí mo ṣe ń wọn láfún mi kí n tó rò ó

Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀, torí ó ti ju ẹni mẹ́ta lọ tó ti bi mí ní àdúgbò wa l'Ọ̀bàǹtokò níbí pé kí ni mo lò tí ikùn fi wọlé. Mi ò mu àgbo, mi ò sì fi láfún sílẹ̀ o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹni tó bá ní kí n fi láfún sílẹ̀ kó kúkú ní kí n kó kúrò l'Abẹ́òkúta. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo wọn ìyẹ̀fun tó ń wọnú mi lálẹ́, mo sì dín in kù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òdì ni mo ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Kílò 98 ni mo wà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gbé mi sórí ìwọ̀n. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń jẹun alẹ́?" Mo ní òkèlè méjì péré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkèlè méjì tó tóbi tó báwo? Mi ò rí i dá lóhùn. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, mo gba Kútọ̀ lọ, mo ra sìkéèlì ilé ìdáná kékeré pẹlẹbẹ yẹn, èyí tó ń ka títí dé kílò 5, tó ní bọ́tìnnì TARE tí wọ́n fi ń yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé òkèlè mi méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 440, ìkejì 440. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, ó ń wò mí, ó ní "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti fẹ́ máa ta láfún ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Mo wá sọ fún ara mi pé 500 ni màá máa jẹ láti òní lọ, lápapọ̀. Ó dùn létí. Àmọ́ tí mo bá jẹ 500 lálẹ́ ọjọ́ kan màá sùn fọnfọn, tó bá di ọjọ́ kejì màá jẹ 500 kan náà, kó tó di aago mẹ́wàá ebi ti dé, màá bá ara mi nídìí gàárì àti ẹ̀pà. Mo rò pé èṣù ni. Àṣé omi ni! Ìyàwó mi máa ń rò ó rọ̀ lọ́jọ́ míì, torí àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí tó rọ̀, lọ́jọ́ míì ó máa ń le bíi ti ìyá mi. Mo ní kó jẹ́ kí n wọn ìyẹ̀fun kó tó dà á sínú omi, ni mo bá rí i pé nínú 500 tó rọ̀ dáadáa, ìyẹ̀fun ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi 120 lọ, nínú 500 tó le, ó tó 160. Omi ò ní kálórì kankan, ìyẹ̀fun ló ni gbogbo ẹ̀. Gíráàmù 100 ìyẹ̀fun gbígbẹ tó nǹkan bíi kálórì 350, ìbáà ṣe láfún, ìbáà ṣe èlùbọ́ iṣu, ìbáà ṣe gàárì. Wíìtì tí àwọn èèyàn ń sọ pé kì í múni sanra náà ò jìnnà sí i, fáíbà inú ẹ̀ ló fi pọ̀ jù wọ́n lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń wọn òkèlè tó ti jinná, omi ló ń wọ̀n mọ́ ọn.

Mo wá padà sẹ́yìn ṣírò èyí tí mò ń jẹ tẹ́lẹ̀. Òkèlè 440 méjì yẹn, bí a ṣe ń rò ó nílé wa, ìyẹ̀fun 260 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ju kálórì 900 lọ, a ò tíì dá ọbẹ̀ sí i o. Mo gbé e wá sí 150, ìyẹn bíi kálórì 525. Ìyàtọ̀ ẹ̀ lójúmọ́ sún mọ́ 400. Kílò ọ̀rá kan lára èèyàn tó nǹkan bíi kálórì 7,700, tí ẹ bá pín in, bíi ogúnjọ́ ni fún kílò kan. Lórí ìwé nìyẹn ṣá, ara ò kí ń ṣe ìwé.

Ìṣòro tó kù ni pé ìkòkò kan la fi ń rò ó fún gbogbo ilé, ta ló máa ro tèmi lọ́tọ̀? Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo kọ́kọ́ wọn ìkòkò lófìfo, tiwa jẹ́ 900. Mo wọn ìyẹ̀fun gbogbo ilé, ká ní 600. Wọ́n á rò ó, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i kó fi jinná bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìgbà tó bá jinná tán pátápátá ni màá tó tún gbé ìkòkò lé sìkéèlì, torí omi tí wọ́n bù sí i kẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Ká ní ó ka 3,000. Yọ ìkòkò kúrò, láfún jẹ́ 2,100. Pín 2,100 sí 600, ó jẹ́ 3.5, ìyẹn ni pé ìyẹ̀fun gíráàmù 1 ti di 3.5. Tèmi jẹ́ 150, mo sọ ọ́ dọ̀nà 3.5, ó di gíráàmù 525, òun ni màá bù. Lọ́jọ́ tó bá le, iye tí màá bù á kéré, lọ́jọ́ tó bá rọ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kan náà ni, ebi aago mẹ́wàá yẹn ò sì wá mọ́. Ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé sìkéèlì oníke ní tààrà o, tèmi àkọ́kọ́ yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ sórí ẹ̀, ẹ tẹ TARE, kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò.

Ti ìrẹsì rọrùn, tútù náà ni mo ń wọ̀n ọ́n, 150 kan náà, tó bá jinná á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Iṣu ló yàtọ̀ torí omi ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, 100 ẹ̀ ò ju bíi kálórì 118 lọ, nítorí náà 450 iṣu tí a ti bẹ èèpo ẹ̀ ló dọ́gba pẹ̀lú 150 ìyẹ̀fun. Iyán ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Iṣu tó kún àwo báyìí, tí wọ́n bá gún un, á di òkèlè kan ṣoṣo, ojú á sì máa bèèrè ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìwọ̀n ò sún mọ́. Mo wá kíyè sí i pé bí láfún ṣe kéré, ọbẹ̀ ata ni mo fi ń dí àlàfo ẹ̀, ṣíbí ńlá kan epo sì tó kálórì 120. Ewédú ni mo wá ń bù kún àwo báyìí, pẹ̀lú ẹja, ata ò ju ṣíbí ìgbọbẹ̀ kan. Láàárín oṣù mẹ́ta mo ti wà ní 94 ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ṣe tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì ló ń gbà fún ìtọ̀ ṣúgà, mo ní kó kọ́kọ́ lọ bá dókítà ẹ̀, torí tó bá dín oúnjẹ kù tí abẹ́rẹ́ ò dín kù, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ilé oúnjẹ ìta ni mi ò tíì rí ọgbọ́n ẹ̀ dá tán. Mo gbé òkèlè kan wálé láti ọ̀dọ̀ màmá olóúnjẹ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, 310 ló jẹ́, ó sì le díẹ̀ ju tilé wa lọ, mo fojú bù ú pé ìyẹ̀fun ibẹ̀ á tó 95. Ẹyọ kan ààbọ̀ ni mò ń rà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, màmá yẹn gbé ìgbakọ dúró, wọ́n wò mí tìtì, wọ́n ní, "Ààbọ̀? Ọmọ mi, ṣé owó ò sí ni?"