Bí télọ̀ ṣe lè fi àwọ̀ mìíràn han oníbàárà kó tó gé aṣọ

Ìyá Ìbejì kan wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Kúbwà, l'Ábújá, nínú bùbá gínnì aláwọ̀ kírímù. Irú bùbá yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rán ní àwọ̀ wáìnì fún ìgbéyàwó àbúrò wọn, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀.

"Bọ̀dá Télọ̀, ṣé kò ní jẹ́ kí n dúdú jù?"

"Ẹ fara balẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fojú rí i."

Ohun tó ṣe rèé, ìwọ náà lè ṣe é.

Ìta ló mú wọn lọ, lábẹ́ ibòji, nítorí gílóòbù pupa inú ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ aṣọ padà. Ó ní kí wọ́n gbé ègé gínnì wáìnì sí ẹ̀gbẹ́ èjìká, ó wá ya fọ́tò. Má fo èyí o. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló gbọ́dọ̀ tàn sí aṣọ ọrùn wọn àti ègé tí o fẹ́ mú àwọ̀ lára rẹ̀.

Ó ṣí fọ́tò náà ní Photopea, ìkànnì tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lórí kọ̀ǹpútà. Fi Quick Selection fa gbogbo ara bùbá, kí o yọ ọrùn, ọwọ́ àti ègé gínnì sílẹ̀. Sún fọ́tò mọ́ ojú níbi ọrùn aṣọ, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ ti máa ń ta sára ènìyàn. Ibi tó bá ti ta síta, di Alt mú kí o fi yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, fi Eyedropper tẹ ègé gínnì níbi tí kò dán, tí kò sì sí òjìji.

Lọ sí Layer > New > Layer, kí o sì fi Edit > Fill da àwọ̀ náà sí i. Bùbá á rí bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Níbi tí wọ́n kọ Normal sí, yan Multiply, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ á padà yọ.

Color ni télọ̀ yìí kọ́kọ́ yàn, Ìyá Ìbejì sì fajú ro: "Píǹkì nìyí, kì í ṣe wáìnì!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Color kì í dín ìmọ́lẹ̀ aṣọ kù, bẹ́ẹ̀ kírímù mọ́lẹ̀ gan-an. Multiply ló ń mú un ṣókùnkùn. Bó bá ṣókùnkùn jù, dín Opacity kù. Ṣùgbọ́n bí aṣọ inú fọ́tò bá dúdú, Multiply ò lè sọ ọ́ di àwọ̀ mìíràn. Ní kí oníbàárà wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ wá.

Ìyá Ìbejì wo wáìnì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn, wọ́n ní kó máa rán an lọ.

Fọ́tò ò lè fi bí gínnì ṣe ń dán hàn. Torí náà, lẹ ègé aṣọ náà mọ́ ìwé ìwọ̀n oníbàárà. Òun ni ẹni tó ń lọ ra aṣọ ní ọjà Wúsè yóò mú dání, kì í ṣe fóònù.