Asẹ́ fún Ímeèlì: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nígbà Tí Lẹ́tà Tí Ẹ Kò Tíì Kà Bá Ti Pọ̀ Jù

Ká ní lẹ́tà 640 tí ẹ kò tíì kà ló wà nínú Inbox yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó wá ń fi ife gbọ́n omi kúrò nílẹ̀, wàhálà lásán ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ tì. Asẹ́, ìyẹn òfin tí ẹ ṣe pé kí ímeèlì máa fúnra rẹ̀ ṣa lẹ́tà tó bá ń wọlé, ló máa bá yín tì í.

Gmail ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí áàpù Gmail orí fóònù kò ní ibi tí a ti ń ṣe asẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ṣe é tán, fóònù náà yóò jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kó lẹ́tà jọ sí yín lọ́rùn. Ẹ tẹ èyí sínú àpótí ìwárí tó wà lókè:

```
in:inbox is:unread
```

Ẹ wo orúkọ tó ń jáde léraléra. Ká sọ pé ilé ìtajà kan ni, tó ń lo àdírẹ́sì shop@example.com, tó sì ti fi lẹ́tà 221 ránṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á fi àdírẹ́sì yẹn nìkan ṣe asẹ́. Tí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn lẹ́tà náà, ẹ ó rí i pé 212 jẹ́ ìpolówó, 9 sì jẹ́ rìsíìtì ohun tí ẹ ti rà. Àdírẹ́sì kan náà ló ń fi méjèèjì ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ rìsíìtì sílẹ̀:

```
from:shop@example.com -subject:receipt
```

Àmì ìyọkúrò kékeré yẹn ń sọ fún Gmail pé kó má fọwọ́ kan lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà nínú àkọlé rẹ̀. Ẹ tún wo ohun tó jáde. Tí rìsíìtì kan bá ṣì wà níbẹ̀ nítorí pé «order» ni wọ́n kọ sí àkọlé tirẹ̀, ẹ fi -subject:order kún un, kí ẹ sì tún wá a. Ẹ má kúrò níbí títí ohun tí ẹ ń rí yóò fi jẹ́ ìpolówó nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwòrán kékeré tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún àpótí ìwárí, kí ẹ sì tẹ Create filter. Ẹ mú Skip the Inbox (Archive it), ẹ mú Apply the label, kí ẹ ṣe àmì tuntun tí ẹ pè ní Oja, kí ẹ sì mú Also apply filter to matching conversations, èyí tó máa kó àwọn ti àtijọ́ pẹ̀lú. Lẹ́tà 640 á di 428. A kò pa ìkankan rẹ́: inú All Mail ni wọ́n wà, àmì Oja sì wà lára wọn. Lẹ́tà kan lè ní àmì méjì tàbí mẹ́ta, kò dà bíi fáìlì tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ìwé lè wà.

Ẹ má mú Delete it ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wọ Trash, ọjọ́ 30 péré ló ní, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá. Ẹ má sì fi asẹ́ kó lẹ́tà tó ń gbé kóòdù ìwọlé wá kúrò nínú Inbox. Kóòdù náà á ti kú kí ẹ tó rí i.

Èmi fúnra mi fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «meeting», ṣe asẹ́ nígbà kan, láìfi àdírẹ́sì kankan sí i. Ìkésíni méjì wọlé, mi ò rí wọn àfi lẹ́yìn tí ìpàdé ti kọjá. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá label:oja is:unread, kí ẹ wò ó bóyá ohun tó yẹ kí ẹ rí ti kó sínú rẹ̀. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fífi ọwọ́ dá lẹ́tà náà padà kò tún asẹ́ ṣe. Ẹ lọ sí See all settings, ẹ ṣí Filters and Blocked Addresses, kí ẹ sì tẹ edit lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí pé gbogbo asẹ́ Gmail tó bá bá lẹ́tà kan mu ló máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ti Outlook yàtọ̀: láti òkè wá sísàlẹ̀ ló ń tẹ̀ lé òfin, Stop processing more rules ló sì ń dá a dúró.

Ní ti àwọn lẹ́tà tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ wá:

```
in:inbox is:unread older_than:1y
```

Ẹ mú àpótí kékeré tó wà lókè. Ti ojú ewé yẹn nìkan ló máa mú, nítorí náà ẹ tẹ Select all conversations that match this search tó bá yọ, kí ẹ tó tẹ Archive.