Kọ̀ǹpútà tó ń sáré lójú kan: bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n, bí a sì ṣe ń tú u sílẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé iṣẹ́ méjì fún kọ̀ǹpútà mi, ètò méjì tí mo fi Python kọ láti to dátà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dá ṣiṣẹ́, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà. Mo ní kí wọ́n jọ máa lọ kí n lè tètè sùn. Wákàtí mẹ́ta kọjá, kò sí èyí tó parí. Iná dísìkì ń ṣẹ́jú láìsinmi, atọ́ka máòsì ń wọ́ bí ìgbín. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máà rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Tiráṣìn ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Ẹ wo télọ̀ tí tábìlì rẹ̀ kéré. Ó fẹ́ gé aṣọ, kò rí àyè, ó gbé kọ́là padà sínú àpótí. Kò pẹ́, kọ́là ló kàn, ó gbé aṣọ kúrò kó tó lè gbé e jáde. Ilẹ̀ ṣú, kò rán ojú kan. Tábìlì yẹn ni mẹ́mórì, àpótí ni dísìkì. Ojúewé ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn ẹrù tó ń gbé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ báìtì 4096.

Owó àlọ-àbọ̀ yìí ló ń pani. Nǹkan bí 100 nanosẹ́kọ́ńdì ni a fi ń ka ohun tó wà ní mẹ́mórì, àmọ́ dísìkì oníyìípo lè gba mìlísẹ́kọ́ńdì 10, ìyẹn ìlọ́po 100,000. Nítorí náà, bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ìkésíni bá kùnà láti bá ojúewé rẹ̀ ní mẹ́mórì, ìpíndọ́gba yóò fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú yóò di ti wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Dísìkì aláìyípo ìsinsìnyí dín ìyà náà kù gan-an, kò mú un kúrò.

Ní ọdún 1968, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Peter Denning ṣàlàyé ohun tó ń fà á. Àwọn ètò adarí kọ̀ǹpútà ìgbà náà máa ń rí i pé ọpọlọ ń ṣeré, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ló kéré, wọ́n á sì tún gba òmíràn wọlé. Epo ni wọ́n ń dà síná. Denning ní kí a wo ẹrù ojú iṣẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan dípò bẹ́ẹ̀, ìyẹn gbogbo ojúewé tó fọwọ́ kàn láàárín ìwọ̀n àsìkò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Bí àpapọ̀ ẹrù gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá ju mẹ́mórì lọ, ẹ dá ọ̀kan dúró pátápátá. Ẹ má ṣe bù díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn, torí ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pé kò ní lè ṣiṣẹ́, gbogbo wọn á sì jọ máa jà sí àyè kan náà.

Bí mo ṣe ṣe é lórí Linux nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹ rí i dájú pé òun ni. Ẹ ṣí tẹ́mínà (bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti dì, `Ctrl+Alt+F3` sábà máa ń gbé òmíràn jáde), kí ẹ sì tẹ èyí. Mo ti yọ àwọn òpó tí a kò nílò:

```
$ vmstat 5
 r  b   si    so   us sy id wa
 0  4  9120  8760   4  6  2 88
```

Ẹ má ka ìlà àkọ́kọ́ tó bá jáde sí, ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ẹ ti tan kọ̀ǹpútà ni. `so` ni ohun tó ń jáde lọ sí dísìkì, `si` ni ohun tó ń padà wọlé. Bí `so` nìkan bá ga fún ìgbà díẹ̀, kò sí wàhálà: ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lò ló ń kó lọ. Ìgbà tí méjèèjì bá jọ ga tí wọn kò sì sọ̀kalẹ̀, tí `us`, ìyẹn àsìkò tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ àwọn ètò, kéré, tí `wa`, ìyẹn àsìkò tó fi ń dúró de dísìkì, ga, a jẹ́ pé ohun tó ń gbé jáde náà ló tún ń wá kiri.

Linux fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá lé ojúewé kan jáde, ó máa ń fi àmì kékeré sípò rẹ̀. Bí ojúewé náà bá yára padà wá, ó mọ̀ pé ara ẹrù ojú iṣẹ́ ni òun lé, ó sì kà á sí àwọn ìlà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `workingset_refault` nínú `/proc/vmstat`. Láti Linux 4.20, ó tún ń ṣírò àsìkò tó ń ṣòfò:

```
$ cat /proc/pressure/memory
some avg10=81.40 avg60=77.12 ...
full avg10=64.20 avg60=58.90 ...
```

Ìlà `full` ni kí ẹ wò. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó kọjá, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nǹkan fi dúró de mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, ẹ dá ọ̀kan dúró. Ẹ má pa á, iṣẹ́ tó ti ṣe yóò ṣòfò. Ẹ fi `pgrep -a python3` wá nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì dì í:

```
kill -STOP 4312
```

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo dì. Ẹrù rẹ̀ kò ní kúrò ní mẹ́mórì lójú ẹsẹ̀, àmọ́ nítorí pé kò fọwọ́ kàn án mọ́, òun ni Linux yóò máa kó jáde ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àyè gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì tí yóò gbà á o. Tèmi rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, `si` wá sí òdo.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọn ẹrù èyí tó ṣì ń lọ; 4187 ni nọ́ńbà tèmi. Ìgbà tí ara bá ti rọlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí nínú tiráṣìn, ojúewé tí wọ́n ti lé jáde kò ní wọ inú ìṣirò, ẹrù yóò sì dà bíi pé ó kéré.

```
echo 1 | sudo tee /proc/4187/clear_refs
sleep 60
sudo grep Referenced /proc/4187/smaps_rollup
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ nu àmì ìfọwọ́kàn gbogbo ojúewé rẹ́, ti ìkẹta sọ iye tí ètò náà tún fọwọ́ kàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Tèmi jẹ́ `2048000 kB`, ìyẹn mẹ́gábáìtì 2000. Nígbà tí ó parí, mo fi `kill -CONT 4312` jí èkejì, mo wọn òun náà: 1700. Àpapọ̀ jẹ́ 3700. Kọ̀ǹpútà mi ní mẹ́mórì gígábáìtì mẹ́rin, àmọ́ nǹkan bí 3200 ló kù lẹ́yìn ohun tí Linux àti bíráúsà gbà. Nǹkan bí 500 péré ló fi kọjá, òun ló sì jẹ mí ní wákàtí mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n àsìkò tí ẹ bá yàn. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó, ẹrù yóò kéré ju bó ṣe rí lọ. Bó bá sì gùn jù, ẹrù ìpele tí ètò náà ti fi sílẹ̀ yóò dàpọ̀ mọ́ ti ìpele tó wà. Bíráúsà tún le láti wọ̀n, torí iṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ ló pín ara rẹ̀ sí, àwọn kan sì ń jọ lo ojúewé kan náà.

Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́? Linux kì í dá iṣẹ́ dúró bí Denning ṣe wí, pípa ló ń pa á. Apani inú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rí ojúewé lé jáde, kò gbà pé mẹ́mórì ti tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo `systemd-oomd`, tó ń ka irú fáìlì ìfúnpá yẹn fún ẹgbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pa ẹgbẹ́ iṣẹ́ tó ń fa wàhálà kí kọ̀ǹpútà tó dì. Bó bá ti dì pátápátá, `Alt+SysRq+F` máa ń pe apani náà tààrà, bí wọn kò bá ti ti bọ́tìnnì yẹn pa nínú ètò yín. Òun ni yóò yan ẹni tí yóò pa, kì í ṣe ẹ̀yin.