Ṣé sáínọ́ọ̀sì ni àbí túúlu? Ẹ wo ikun imú yín kí ẹ tó ra oògùn

Ìyá kan tó ń yan gàrí nítòsí Ìkẹ́rẹ́ sọ fún mi pé sáínọ́ọ̀sì ló ń bá òun jà. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ku ọ̀la, tàbí tí èéfín ààrò bá pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún á máa lù kìkì, ojú á máa ṣomi, imú á dí. Oníkẹ́mísì á fún un ní àńtíbáyọ́tíìkì, tó bá di ọ̀tunla, ara á ti yá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ikun imú yín ṣe máa ń rí?" Ó ní omi lásán ni, ó mọ́ gaara. Ara rẹ̀ kì í gbóná. Ṣùgbọ́n ó máa ń bì, ó máa ń ti fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ń gún iyán nílé kejì, àfi bíi pé inú orí òun ni wọ́n ti ń gún un.

Túúlu nìyẹn. Iṣan tó ń gbé ìrora orí àti ojú bá èyí tó ń mú omi jáde lójú àti nímú tan. Bí túúlu bá ti jí àkọ́kọ́, ìkejì á dáhùn, imú á dí láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ní 2004, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà yẹ nǹkan bí 3,000 èèyàn tó sọ pé sáínọ́ọ̀sì ló ń fọ́ wọn lórí wò; nínú 100 wọn, 88 ló ní àmì túúlu. Oògùn tí ìyá yìí ń lò kò sì ṣe nǹkan kan: láàárín wákàtí 4 sí ọjọ́ 3 ni túúlu máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Sáínọ́ọ̀sì gidi máa ń tẹ̀lé ọ̀fìnkìn. Ikun á ki, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó ní àwọ̀ ewé, èèyàn ò ní gbóòórùn dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè á máa dun ni. Bó bá kọjá ọjọ́ 10, tàbí tó ti ń yá tó tún padà le, ẹ lọ fi han dókítà.

Ìyá yìí wá ń kọ ọjọ́ tí orí fọ́ ọ sínú ìwé. Gbàrà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró kó le, á jẹun díẹ̀, á lo hóró àìbúpúrófẹ́ẹ̀nì 200 mg méjì, á sì sùn sínú òkùnkùn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kídìnrín tàbí oyún kò gbọdọ̀ lò ó. Hóró párásítámọ́ọ̀lù 500 mg méjì ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò. Kó má kọjá ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ o, nítorí oògùn ìrora tí a ń lò ní gbogbo ìgbà máa ń dá ẹ̀fọ́rí tirẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń wá lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, oògùn tó ń dènà rẹ̀ wà nílé ìwòsàn.

Bí ara bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ibà. Bí orí bá sì ṣàdédé fọ́ bí ìgbà tí àrá sán, tí ọrùn gan, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rọ, tàbí tí ìpénpéjú wú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.