Bí mo ṣe ń ṣètò owó ajá mi ní Ìkòròdú

Aṣọ ni mò ń rán, ₦85,000 ló sì ń wọlé fún mi lóṣù. Nígbà tí ajá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbógbó bímọ, tí wọ́n ní kí n wá mú ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣì bá mi tọ́jú rẹ̀ ná, kí n lè kọ́kọ́ tọ́jú owó abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ló ń gbówó lórí ọmọ ajá, kì í ṣe oúnjẹ. Láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń gún àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra wọn títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bọ̀ nígbà tó bá tó oṣù 3. Èèyàn ò lè gún ẹyọ kan kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Ààbò tí ọmọ ajá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ di asán. Èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń mú dáadáa. Bí àrùn tí wọ́n ń pè ní pafò bá mú ọmọ ajá tí ò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, á máa bì, á máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Fífa omi sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan á sì gbé owó abẹ́rẹ́ mì.

Nígbà tí Tanímọ̀la, ajá mi, dàgbà, ₦15,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún un lóṣù: ₦9,000 fún oúnjẹ, ₦2,000 fún abẹ́rẹ́ ọdọọdún àti oògùn aràn, ₦4,000 fún pàjáwìrì. Ìrẹsì àti orí ẹja ló ń jẹ jù. Kí n tó fi àlùbọ́sà sínú ọbẹ̀ ni mo ti ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Owó pàjáwìrì ò sí lọ́wọ́ alájọ, nítorí àìsàn kì í dúró de ìparí oṣù. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ lórí fóònù ni mo fi í sí. Lọ́dún tó kọjá, ajá yìí kọ oúnjẹ. Mo ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ ti funfun bíi òwú. Ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi kóòkì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kòkòrò tí eégbọn ń kó ran ajá ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ àti oògùn jẹ́ ₦28,000. Inú àkáǹtì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, n ò yá kọ́bọ̀.

Oṣù 7 ni mo fi dá owó náà padà síbẹ̀. Mo tún fi oògùn eégbọn kún ìnáwó oṣooṣù, ₦1,000. Ara owó oúnjẹ ni mo ti yọ ọ́: ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ ra orí ẹja báyìí, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja bá ń ta èyí tó kù wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.